Bí ẹ ṣe lè kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ tí kálukú á ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀

Iṣẹ́ parí, omi ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, alága wá kọjú sí akọ̀wé pé kó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ fún ìgbìmọ̀. Ohun tó sábà máa ń jáde kò ju báyìí lọ: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ fún iṣẹ́ takuntakun àti akitiyan yín. Ẹ kú làálàá, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíì." Wọ́n kà á, wọ́n ṣe àmín, wọ́n ká bébà sápò. Ẹ wá mú lẹ́tà yẹn gan-an, ẹ fi ìgbìmọ̀ ìsìnkú rọ́pò ìgbìmọ̀ omi, kẹ́ ẹ tún un kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ́ ẹ máa yí pa dà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣọ́ páìpù mọ́jú fi máa ń jókòó sẹ́yìn, tí á máa rò ó pé bóyá wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀ ni bóhóòlù àdúgbò. Ká ní àwọn onílé àdúgbò kan ní Iléṣà dá owó jọ, wọ́n gbẹ́ bóhóòlù, wọ́n mọ pẹpẹ kọ́ńkéré, wọ́n gbé táǹkì tó gba lítà 5,000 sórí rẹ̀, wọ́n sì fi sólà wa sumò tó ń fa omi. Ìgbìmọ̀ ní alága, akọ̀wé, akápò, àtàwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mélòó kan. Bíríkìlà, púlọ́ńbà àti ọmọkùnrin tó ń ṣe sólà kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ló fọwọ́ ṣe é. Tí iṣẹ́ tiyín bá jẹ́ gbọ̀ngàn ìjọ, ìwé ìrántí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí ètò orí kọ̀ǹpútà fún owó ilé ìwé, ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó sílẹ̀

- Ìwé kan tẹ́ ẹ lè fa ilà sí, orúkọ lápá òsì, iṣẹ́ lápá ọ̀tún.
- Ìwé owó àti gbogbo rísíìtì.
- Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù yín láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́ torí pé iṣẹ́ ti parí.
- Àwọn àwòrán tẹ́ ẹ yà lójú iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní déètì lára.
- Ẹni méjì tó wà lójú iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè bi léèrè, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, kí èkejì jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́.
- Ìrọ̀lẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní yọ yín lẹ́nu.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ bá jókòó kọ láti inú orí nìkan, àwọn tó máa ń pariwo nípàdé ni yóò kún inú rẹ̀, torí àwọn lẹ máa kọ́kọ́ rántí.

Ìpele kìíní: ẹ kọ gbogbo orúkọ sílẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé orúkọ ìgbìmọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tẹ̀ lé e bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ dá a lábàá? Ta ló fún wa nílẹ̀? Ta ló wá yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò? Ta ló ra páìpù, ta ló gbé e dé, ibo la tọ́jú símẹ́ńtì sí nígbà tí òjò ń rọ̀? Tẹ́ ẹ bá béèrè báyìí, àwọn orúkọ tí kò sí nínú ìwé ìpàdé kankan á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: màmá tó ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n to símẹ́ńtì sí, awakọ̀ tó yí mọ́tò rẹ̀ pa dà lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó fún àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lóúnjẹ.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń kọsẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n á ní, "Ṣebí a ti sanwó fún wọn." Òótọ́ ni pé ẹ sanwó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ohun tí kò sí nínú àdéhùn, tàbí tó kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ jágbajàgba nígbà tẹ́yin fúnra yín ń kán an lójú, ó fún yín ní nǹkan tí owó yẹn ò kárí. Ẹ kọ orúkọ wọn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti ṣe: ẹ fi ìwé náà han ẹnì kan tó wà lójú iṣẹ́ tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, kẹ́ ẹ bi í pé, "Ta la gbàgbé?" Tó bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìgbà tí ẹni tẹ́ ẹ bi kò bá rí ẹnikẹ́ni fi kún un mọ́ lẹ tó lè tẹ̀ síwájú.

Ìpele kejì: ẹ wá iṣẹ́ kan ṣoṣo fún orúkọ kọ̀ọ̀kan

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà jù, ibẹ̀ náà ni mo sì máa pẹ́ sí. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Kí ló ṣe? Kí ló le níbẹ̀, tàbí kí ni ì bá rọrùn fún un láti ṣe dípò rẹ̀? Ta ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ báyìí, báwo sì ni?

Ẹ jẹ́ ká mú bíríkìlà. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó máa wá sí yín lọ́kàn ni: "Bíríkìlà wa ṣiṣẹ́ gan-an." Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kejì á jẹ́: "Bíríkìlà wa ní sùúrù, ó sì mọṣẹ́." Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, torí ó dà bíi pé ó ti sọ nǹkan. Ìwà ló sọ, kò sọ iṣẹ́. Bíríkìlà tó bá gbọ́ pé òun ní sùúrù kò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n rí sùúrù yẹn.

Ẹ wá ṣí Wọ́sáàpù, kẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n da kọ́ńkéré pẹpẹ. Ẹ máa rí i pé ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan béèrè pé, "Ṣé kí táǹkì máa gòkè lọ́la?" Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹlòmíràn ní àwọn ará àdúgbò ń bínú. Bíríkìlà dá wọn lóhùn pé ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ wo àwọn àwòrán: àpò símẹ́ńtì tó tutù wà lórí pẹpẹ, òun fúnra rẹ̀ sì dúró pẹ̀lú garawa omi ní kùtùkùtù. Ohun tó ń ṣe nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Kọ́ńkéré kì í le torí pé ó gbẹ. Omi àti símẹ́ńtì ló ń para pọ̀ tó fi ń le, tó bá sì tètè gbẹ, á sán, kò sì ní lágbára tó yẹ kó ní. Ọjọ́ 28 làwọn tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ fi máa ń ṣírò agbára rẹ̀. Lítà 5,000 omi sì wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún, láì tíì ka táǹkì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá gbé ìyẹn lé pẹpẹ ọjọ́ karùn-ún, àwọn ọmọ tó ń pọn omi nísàlẹ̀ ló máa fara gbá a.

Ọ̀rọ̀ tó máa wọ lẹ́tà wá di: "Bàbá Bíríkìlà, nígbà tí gbogbo wa ń kán yín lójú pé kí táǹkì gòkè, ẹ ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ò sì yẹ̀ ẹ́. Ẹ ń wá bomi rin pẹpẹ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ Àìkú. Tọ́ọ̀nù omi márùn-ún ló wà lórí rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ wa ń pọn omi lábẹ́ rẹ̀, kò sì síbi tó sán." Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Kò sí "takuntakun" níbẹ̀, kò sí "ìfarajìn", ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, pé wọ́n rí òun.

Oríkì tí àwọn ìyá wa ń kì ni ọ̀nà yìí ti wá. Wọn kì í kàn sọ fún ọmọ pé ìdílé rẹ̀ dára. Ohun tí baba rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń kà sí i létí.

Ẹ jẹ́ ká tún mú èyí tó le díẹ̀. Ká ní ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbẹ́ kò lómi. Kì í ṣe ohun ìyanu ní Iléṣà, torí àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, ibi tí àpáta bá ti rà tàbí tó ti là ni omi máa ń wà, bóhóòlù méjì tó sún mọ́ra sì lè yàtọ̀ pátápátá. Nínú ìgbìmọ̀, àbúrò kan wà tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Òun ló sọ pé kí wọ́n dáwọ́ gbígbẹ́ dúró, kí wọ́n pe àwọn tó ń fi iná mànàmáná yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò pa dà, kí wọ́n tún wọn ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìdúpẹ́ máa ń fo irú ibi báyìí torí ó rán wọn létí owó tó sọnù. Ẹ má fò ó. Ẹni tó ní kí ẹ dúró nígbà tí ojú ń ti gbogbo yín ló ṣe ohun tó nira jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: "Nígbà tí ihò àkọ́kọ́ kò mú omi wá, ìwọ lo sọ pé kí a má gbẹ́ ẹ jìn sí i, kí a kọ́kọ́ tún ilẹ̀ wọ̀n. Ibi tí wọ́n tọ́ka sí lẹ́yìn ìyẹn la ti ń pọn omi lónìí."

Ìkìlọ̀ méjì. Àkọ́kọ́, ẹ má sọ fún ju ẹnì kan lọ pé "láìsí yín, iṣẹ́ yìí kì bá ti ṣeé ṣe." Tó bá jẹ́ pé ẹni márùn-ún lẹ sọ ọ́ fún, wọ́n á fi wéra lẹ́yìn ìpàdé, kò sì ní sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ nínú wọn. Ìkejì, ẹ má hùmọ̀ iṣẹ́ fún ẹni tí kò ṣe púpọ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ tó wá sípàdé ẹ̀ẹ̀mejì tó sì san owó rẹ̀ lásìkò, ohun tó ṣe nìyẹn, ẹ sì lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ìtìjú: "Ẹ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ san owó, kí rígì tó dé." Gbólóhùn kan tó jẹ́ òótọ́ sàn fún un ju ìpínrọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti ṣe: ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ, kẹ́ ẹ ka gbólóhùn náà fún ẹnì kan tó wà lójú iṣẹ́. Tó bá lè sọ ẹni tó jẹ́, ó ti dára. Tó bá ní, "Ó lè jẹ́ púlọ́ńbà, ó lè jẹ́ akápò," ẹ pa dà sídìí Wọ́sáàpù àti rísíìtì.

Ìpele kẹta: ẹ wádìí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ ohun tí kò yẹ kó wà níta

Ìyìn tó dárúkọ iṣẹ́ léwu ju ìyìn lásán lọ ní ọ̀nà kan: ó ṣeé já nírọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọkùnrin onísólà ló fi fáàfù sábẹ́ táǹkì, tó sì jẹ́ pé púlọ́ńbà ni, ẹ ti bí ẹni méjì nínú lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó wà níbẹ̀, kì í ṣe fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yìn. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yìn á ní, "Kì í ṣe èmi nìkan o," nítorí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó dúró tì í ló máa sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ìyìn kan máa tú síta nípa ẹlòmíràn. Ká ní Màmá Akápò ló rí i pé iye tí wọ́n kọ sórí rísíìtì páìpù ti ju iye ọjà lọ. Ó dákẹ́, ó lọ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà, ó mú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, ìgbìmọ̀ sì ra páìpù tó kù níbi tó gbé dínwó jù. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé, "Màmá, ẹ gbà wá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jẹ wá," gbogbo àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni náà, bóyá kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ kọ apá tó jẹ́ ti Màmá nìkan: "Kí a tó ra páìpù tó kù, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ẹ kọ iye kálukú wọn sílẹ̀, ẹ sì fi hàn wá kí a tó san kọ́bọ̀." Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ lọ sọ ọ́ fún un nílé, lójúkojú.

Bákan náà ni ti ẹni tó bá fi owó sílẹ̀ tó ní kí a má dárúkọ òun. Ẹ má fi ọgbọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ títí táwọn èèyàn á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn rárá: "kò dà bí àwọn tó sá" máa ń dùn lẹ́nu ẹni tó ń kà á, ṣùgbọ́n ìjà ló ń bí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti ṣe: ẹ ka ìwé náà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ni àṣìṣe tó wà nínú iṣẹ́ náà. Tí ara bá ta yín níbì kan, ẹ tún ibẹ̀ kọ.

Ìpele kẹrin: ẹ kọ lẹ́tà náà

Ohun méjì ló máa ń dá èèyàn dúró níbí: ta ni ká kọ́kọ́ dárúkọ, kí sì ni ká máa pè wọ́n? Alága lè ti lé ní 70 ọdún, kí onísólà máà tíì pé 25. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kí àwọn àgbà ní gbólóhùn àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ipò wọn, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá tẹ̀ lé bí iṣẹ́ ṣe lọ, látorí ilẹ̀ dórí omi. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ̀ ń tẹ̀ lé, kò sẹ́ni tó máa ní wọ́n fi òun sẹ́yìn ẹni tó kéré sí òun.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa pè wọ́n, ohun tẹ́ ẹ ń pè wọ́n lójú iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ "Alàgbà" àti "Olóyè" fún àwọn kan, kẹ́ ẹ wá kọ "bíríkìlà" lásán fún ẹni tó lè bí yín lọ́mọ. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń pè ní "ìwọ" lójú iṣẹ́, ẹ lè lo "o" fún wọn nínú lẹ́tà náà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ ilé. Tó bá jẹ́ orúkọ ìgbìmọ̀ lẹ fi kọ ọ́, "ẹ" ló yẹ gbogbo wọn.

Àdúrà ńkọ́? Lẹ́tà ìdúpẹ́ Yorùbá tí kò ní àdúrà kò tíì parí, èmi ò sì ní ní kẹ́ ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ẹyọ kan sí i, ní ìparí, kó sì ti ara iṣẹ́ náà jáde. Àdúrà mẹ́wàá tó tò tẹ̀ lé ara wọn ló máa ń gba àyè tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ ohun tí àwọn èèyàn ṣe. Ọ̀rọ̀ òwe náà rí bẹ́ẹ̀: ẹyọ kan tó bá ọ̀rọ̀ mu tó, tí kò bá sì sí èyí tó bá a mu, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́tà bóhóòlù wa lè wá rí báyìí:

> Bàbá Alága, Màmá Akápò, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa gbogbo, a kí yín.
>
> Bóhóòlù àdúgbò wa ti ń ṣiṣẹ́. A fẹ́ sọ ohun tí kálukú yín ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀.
>
> Bàbá Alága, ẹ̀yin lẹ fún wa ní ìdajì ilẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń gbin ewébẹ̀, ẹ sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ yín kí ọ̀rọ̀ má bàa dìde lọ́jọ́ iwájú.
>
> Àbúrò wa tó mọ̀ nípa ilẹ̀, nígbà tí ihò àkọ́kọ́ kò mú omi wá, ẹ̀yin lẹ ní kí a má gbẹ́ ẹ jìn sí i, kí a tún ilẹ̀ wọ̀n. Ibi tí wọ́n tọ́ka sí lẹ́yìn ìyẹn la ti ń pọn omi lónìí.
>
> Màmá Akápò, kí a tó ra páìpù tó kù, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ẹ kọ iye wọn sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ sì ń fi àwòrán rísíìtì ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìṣirò owó nípàdé wa, torí gbogbo wa ti rí i.
>
> Màmá tó ni ilé aláwọ̀ ewé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni símẹ́ńtì wà ní gbogbo àsìkò òjò. Ẹ̀yìn ilé lẹ gbà wọlé nígbà yẹn. Kò sí àpò kan tó dì nínú rẹ̀.
>
> Bàbá Bíríkìlà, nígbà tí gbogbo wa ń kán yín lójú pé kí táǹkì gòkè, ẹ ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ò sì yẹ̀ ẹ́. Ẹ ń wá bomi rin pẹpẹ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ Àìkú. Tọ́ọ̀nù omi márùn-ún ló wà lórí rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ wa ń pọn omi lábẹ́ rẹ̀, kò sì síbi tó sán.
>
> Ọ̀gá Púlọ́ńbà, ẹ fi fáàfù sí ìdí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan péré la bá yín ṣàdéhùn. Nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ kejì bàjẹ́, òun nìkan la tì pa. Omi kò dáwọ́ dúró ní ìyókù.
>
> Ọmọ wa onísólà, ẹ̀yin lẹ kíyè sí i pé òjìji igi máńgòrò máa ń bo ibi tí a fẹ́ to pánẹ́ẹ̀lì sí tó bá di ọ̀sán. Ẹ tú irin tẹ́ ẹ ti dè tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sápá kejì, ẹ ò sì gba owó kún un. Sumò ń fa omi di ìrọ̀lẹ́.
>
> Omi kò ní gbẹ nílé ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ẹ kíyè sí i pé ìpínrọ̀ wọn kò gùn bákan náà. Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fa ti ẹnì kan gùn kó lè bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Ohun tó wà nídìí iṣẹ́ ló ń pinnu rẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti ṣe: ẹ fi bíírò fa ilà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó lè wọ lẹ́tà iṣẹ́ mìíràn láìyí nǹkan kan pa dà. Nínú lẹ́tà òkè yìí, ìkíni àti gbólóhùn tó ní a fẹ́ sọ ohun tí kálukú ṣe nìkan ló wà níbẹ̀. Tí ilà bá ju méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú tiyín, ẹ yọ wọ́n, kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan rọ́pò wọn.

Ìpele karùn-ún: ẹ fi jíṣẹ́

Ẹ san gbogbo owó tó kù nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka lẹ́tà yìí. Púlọ́ńbà tẹ́ ẹ jẹ lówó tó wá gbọ́ ìyìn dídùn á gbà pé ẹ fẹ́ fi ẹnu dídùn pa gbèsè ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rò bẹ́ẹ̀. Tí owó kò bá tíì pé, ẹ lọ bá a, ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san án fún un, kẹ́ ẹ tó dúpẹ́.

Ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Tó bá ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oníṣẹ́ ọwọ́ ti wà níbi iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀yin náà á sì ti gbàgbé ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí.

Ẹ fi ìpínrọ̀ kálukú ránṣẹ́ sí i níkọ̀kọ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìpàdé. Ìdí méjì ló wà. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, á sọ fún yín kó tó di ohun ojú ayé. Àwọn mìíràn sì wà tí ìyìn ní gbangba máa ń nira fún. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ kà á, tí wọ́n bá sì ní rárá, ẹ dárúkọ wọn nìkan. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ kà á fún un, tàbí kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nípàdé, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara kà á, kó sì kà á tán láìsí pé ẹnikẹ́ni dá sí i. Ibi táwọn ẹgbẹ́ ti máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyí: wọ́n á ka ìdúpẹ́ tán, alága á dìde, á ní, "Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ gọ́tà ló kù, kálukú á dá owó báyìí-báyìí." Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ìyìn á di ọ̀nà láti fa èèyàn sínú iṣẹ́ mìíràn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ gọ́tà lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ bá alága sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé ìdùnnú ló máa mú kó sọ ọ́ jáde.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti ṣe: ẹ gbọ́ èsì wọn. Ẹni tó bá dáhùn pé "àmín, ẹ ṣé" nìkan, bóyá ọ̀rọ̀ yín kò tíì kàn án níbi tó yẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn á fi ìtàn dá yín lóhùn: "Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti yà síbẹ̀." Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti gbàgbé ẹnì kan

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra. Ẹ má fi "àti gbogbo àwọn tí a kò dárúkọ" bò ó. Ẹni tí wọ́n gbàgbé mọ̀ pé òun ni gbólóhùn yẹn ń bá wí. Ẹ lọ bá a lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ sọ ohun tó ṣe fún un bẹ́ ẹ ṣe sọ ti àwọn tó kù, ẹ kọ ìpínrọ̀ rẹ̀ sínú lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì tún fi gbogbo lẹ́tà náà ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nínú. Kò nílò àlàyé gígùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì tí ìwé ilẹ̀, ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ àti rísíìtì sumò wà. Tí ìgbìmọ̀ mìíràn bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹnu ẹ̀rọ kan sì bàjẹ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i pé fáàfù wà nídìí rẹ̀, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n.